Nígbà tí ẹni tá a fẹ́ gbà síṣẹ́ bá dákẹ́ lójijì

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ inú ọ̀rá ní Olúyọ̀lé ni mo ń bá gba òṣìṣẹ́, mi ò tíì pé ọdún kan lẹ́nu ẹ̀. Akáǹtáǹtì kan tó ń gbé Àkóbọ̀ ṣe íntáfíù àkọ́kọ́ dáadáa, ọ̀gá mi sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìpàdé kan péré ló kù, ló bá dákẹ́. Ọjọ́ kẹjọ rèé. Mo rí àmì búlúù lórí WhatsApp, ó ti ka ọ̀rọ̀ mi. Ọ̀gá ní kí n kọ ọ́ sí i pé tí kò bá fèsì lónìí, a ti fún ẹlòmíì. Ọkàn mi ò gbà á, àmọ́ mi ò mọ ohun tí mo máa kọ dípò rẹ̀ tí kò fi ní dà bíi pé mò ń fúngun mọ́ ọn. Mo fi gbogbo ọ̀rọ̀ tá a ti jọ kọ síra wa ránṣẹ́ sí yín. Àbúrò yín, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn."

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ ìwọ àti ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀mejì. Jẹ́ ká kọ́kọ́ ka ọjọ́, torí ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló wá ṣe íntáfíù lọ́dọ̀ yín. Nígbà tó ń lọ, o sọ fún un pé "a máa kàn sí yín láìpẹ́." Lẹ́yìn ìyẹn, o ò kọ ohunkóhun sí i fún ọjọ́ 13 gbáko. Ìgbà tó di ọjọ́ Ajé lo wá kọ̀wé pé kó mú ọjọ́ tó máa rí ọ̀gá ẹ̀ka ìṣúná. Kò pé wákàtí kan tó fi dáhùn, ó sì béèrè ohun méjì: ṣé iye owó oṣù tẹ́ ẹ dárúkọ fún un níjọ́sí ṣì ni, àti pé ṣé dandan ni kó tún wá sí ọ́fíìsì yín lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, o fèsì pé, "Ẹ máa gbọ́ gbogbo rẹ̀ tí ẹ bá dé." Àtìgbà náà ló ti dákẹ́.

Ọjọ́ 8 ni tirẹ̀. Ọjọ́ 13 ni tìẹ.

Mi ò sọ ọ́ láti fi bá ọ wí. Mo mọ bó ṣe ń rí nínú ọ́fíìsì: ọ̀gá lọ sí Èkó, ẹni tó yẹ kó fọwọ́ sí owó oṣù kò tíì fọwọ́ sí i, ìwọ náà sì ń dúró. Àmọ́ ẹni tó wà ní Àkóbọ̀ kò rí èyí. Ohun tó rí ni pé "láìpẹ́" di ọ̀sẹ̀ méjì, àti pé nígbà tó béèrè owó, wọn ò dá a lóhùn. Lójú tìẹ, "ẹ máa gbọ́ gbogbo rẹ̀ tí ẹ bá dé" kàn jẹ́ ètò ilé iṣẹ́ ni. Lójú ẹni tó ń wáṣẹ́, ohun kan ṣoṣo ni gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí: owó ti dín, wọ́n fẹ́ kí n dé ibẹ̀ kí wọ́n tó sọ fún mi. Kó sì tó dé ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tọrọ àyè níbi iṣẹ́ tó wà báyìí, kó purọ́ díẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, kó wọ míkírà láti Àkóbọ̀, kó sọ̀ kó tún wọ òmíràn kó tó dé Olúyọ̀lé, kó sì tún bá ọ̀nà kan náà padà. Ìwọ náà ì bá rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí wàá ṣe kì í ṣe kíkọ̀wé. Wá ọ̀gá ẹ̀ka ìṣúná lọ, kó o sì gba ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì yẹn. Ṣé owó náà ṣì ni? Ṣé ìpàdé yẹn ṣeé ṣe lórí fóònù? Bí o kò bá tíì ní ìdáhùn méjèèjì lọ́wọ́, má kọ nǹkan kan sí i. Kò sí adùn tó o lè fi sínú ọ̀rọ̀ tó máa rọ́pò ìdáhùn tó ń retí. Bí owó náà bá ti dín lóòótọ́, mú iye tuntun náà wá, kó o kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí i. Ó lè bínú lọ, àmọ́ á fún ọ ní èsì.

Ní ti àmì búlúù, má fi ṣe ẹ̀rí. Ohun tó ń sọ kò ju pé wọ́n ṣí ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé inú míkírà ló ti ṣí i, ó ní òun máa dáhùn tóun bá délé, ó sì gbàgbé. Ẹni tó bá sì ti pa àmì náà nínú ètò fóònù rẹ̀ lè ka ìwé rẹ nígbà mẹ́wàá kó o má rí búlúù kankan. Èyí tó wúlò fún ọ jù ni àmì eérú ẹyọ kan. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, ọ̀rọ̀ rẹ kò tíì dé orí fóònù rẹ̀ rárá: fóònù kú, kò sí dátà, tàbí kó ti dí ọ lọ́nà. Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ orí WhatsApp mìíràn kò ní ṣe nǹkan kan, ímeèlì tàbí tẹ́ẹ̀sì lásán ló kù. Èyí ó wù kó jẹ́, má ṣe kọ "mo rí i pé ẹ ti ka ọ̀rọ̀ mi" sí ẹnikẹ́ni láé. Gbólóhùn yẹn ń sọ fún un pé ò ń ṣọ́ òun.

Wàyí o, kí ló dé táwọn èèyàn fi ń dákẹ́ dípò kí wọ́n kàn sọ pé àwọn ò ṣe mọ́? Mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí láti ìgbà tá a ti ń lẹ ìkéde ìgbanisíṣẹ́ mọ́ ara ògiri ní Dùgbẹ̀, mo sì ti bi ọ̀pọ̀ wọn léèrè lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí. Àwọn kan rí iṣẹ́ míì. Àwọn kan, ọ̀gá wọn fi owó kún owó wọn. Àwọn kan ní ìṣòro nílé. Àmọ́ ìdí tí mo gbọ́ jù lọ lẹ́nu ọmọ Yorùbá ni ojútì. Ọmọbìnrin kan ní agbègbè Ìwó Róòdù sọ fún mi pé, "Ẹ ti ṣe dáadáa sí mi jù, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọjú sí yín kí n ní mi ò ṣe mọ́." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi sá fún mi, ó sì gbà pé ìwà ọmọlúàbí lòun ń hù. Níbi tá a ti tọ́ wa, ó ṣòro láti wo ojú ẹni tó ju ẹni lọ, tàbí ẹni tó ṣe ẹni lóore, kéèyàn ní rárá. Dídákẹ́ rọ̀ wá lọ́rùn jù ú lọ.

Ohun tí mo wá fẹ́ kó o dì mú nínú gbogbo lẹ́tà yìí nìyí: bá a kọ "rárá" náà sílẹ̀. Fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ní ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtìjú nínú, kó jẹ́ pé ńṣe ló kàn máa tọ́ka sí i. Ìwé tó o fẹ́ kọ yìí kì í ṣe láti fa ọkùnrin náà padà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí dídáhùn rọrùn fún un ju dídákẹ́ lọ, ibi yòówù kí ìdáhùn náà já sí. Ẹni tó ti gbàṣẹ́ síbòmíì kò sí ọ̀rọ̀ tó o lè kọ tó máa dá a padà, o sì lè dá ara rẹ sí níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣiyèméjì ni ìwé náà wúlò fún, àti ìwọ fúnra rẹ, kó o lè mọ ibi tó o dúró sí.

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá rẹ ní kó o kọ, jẹ́ ká yára kọjá lórí rẹ̀. "Tí ẹ ò bá fèsì lónìí, a ti fún ẹlòmíì." Yọ orúkọ ilé iṣẹ́ yín kúrò níbẹ̀, wàá rí i pé ohùn àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù ni. Àti pé irọ́ ni. Bó bá fèsì lọ́la, ẹ̀yin náà máa gbà á tayọ̀tayọ̀, òun náà á sì mọ̀ látọjọ́ yẹn pé ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dá kì í ṣe òótọ́.

Èyí tó yẹ ká jókòó tì ni àwọn gbólóhùn tó dà bíi pé wọ́n rọ̀, tí ọwọ́ wọn sì wúwo. O ti kọ mẹ́ta nínú wọn sínú àtẹ̀jíṣẹ́ tó o ní o fẹ́ fi ránṣẹ́ kó o tó kọ̀wé sí mi. Àkọ́kọ́ ni "A ò gbúròó yín mọ́, ṣé kò sí o?" Ìfẹ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, mo mọ̀. Àmọ́ wo ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le koko, tó kàn ń ronú sí ọ̀rọ̀ owó, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá àìsàn tàbí òkú tó máa fi dá ọ lóhùn, torí pé o ti sọ fún un pé nǹkan burúkú nìkan ló lè jẹ́ kéèyàn dákẹ́. Bí kò bá fẹ́ purọ́, á tún dákẹ́ sí i.

Ìkejì ni "Ọ̀gá wa fẹ́ràn yín gan-an, ẹ má já wa kulẹ̀." Nínú gbogbo wọn, èyí ni mo bẹ̀rù jù, torí pé ó dùn. O ti di gbèsè rù ú. Ẹni tójú ti ń tì tẹ́lẹ̀, o tún bu ìtìjú kún un. Bó bá sì tìtorí rẹ̀ wá, oṣù mélòó lo rò pé ó máa lò?

Ìkẹta ni "Ṣé ẹ ṣì nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ náà?" Gbogbo wa la máa ń kọ ọ́, èmi náà kọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìbéèrè ìdánwò ni: "bẹ́ẹ̀ ni" ń sọ pé mo ti gbà fún yín, "rárá" ń sọ pé mo kọ̀ yín. Kò sí ibi tí ẹni tó bá fẹ́ sọ pé "ó sinmi lórí owó" lè dúró sí. Ọkùnrin tìẹ yìí gan-an sì nìyẹn. Kò tíì lè mọ̀ bóyá òun fẹ́ ẹ, torí pé ìwọ lo mú ohun tí ì bá fi mọ̀ ọ́n dání.

Bí èmi bá wà ní ipò rẹ, ohun tí mo máa kọ rèé. Mo mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa ń kọ síra yín nílé iṣẹ́, àmọ́ ẹ ti kọ Yorùbá síra yín lórí WhatsApp, Yorùbá ló sì fi béèrè ìbéèrè rẹ̀. Bá a nínú èdè tó ti bá ọ sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, Ọ̀gbẹ́ni Lágbájá. Èmi ni Lámọrín láti ilé iṣẹ́ Báyìí ní Olúyọ̀lé, a jọ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ akáǹtáǹtì. Ẹ béèrè nípa owó oṣù, mi ò sì dá yín lóhùn bó ṣe yẹ, ẹ má bínú. Iye tá a sọ fún yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wá náà ṣì ni, kò dín. Ìpàdé kan ló kù, pẹ̀lú ọ̀gá ẹ̀ka ìṣúná, kò ní ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 lọ. A lè ṣe é lórí fóònù lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kò dandan kẹ́ ẹ wá. Ẹ kàn fi nọ́ńbà kan dá mi lóhùn. 1: ẹ fẹ́ ká tẹ̀ síwájú. 2: ẹ ṣì fẹ́ àyè díẹ̀. 3: ọ̀rọ̀ ti yí padà, ẹ ò ṣe mọ́. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, kò burú, ẹ ò sì nílò láti ṣàlàyé. À ń bá ẹnì kan tàbí méjì mìíràn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la sì máa parí ìpàdé yìí. Ẹ ṣeun."

Jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi tò ó báyìí. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" wà níwájú torí pé èdè wa ti bá wa ṣe iṣẹ́ yẹn parí. Òun ni kíkí tó ń sọ pé ó ti pẹ́ díẹ̀ láìsọ ẹni tó fà á. Àwọn méjèèjì ló ń sọ ọ́ síra wọn, kò sì sẹ́ni tó jẹ̀bi nínú wọn. Bó o bá kọ "ó ti pé ọjọ́ 8 tí mo ti gbọ́ ohùn yín," o ti ṣírò gbèsè fún un nìyẹn. Mi ò sì fi kíkí náà gùn. "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ooru, ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́" dára lójúkojú, àmọ́ lórí fóònù ńṣe ni wọ́n máa ń bo ohun tó o fẹ́ sọ mọ́lẹ̀, ẹni tó ń kà á yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura.

Mo sọ ẹni tó o jẹ́ àti ibi tẹ́ ẹ ti mọra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà rẹ wà lórí fóònù rẹ̀. Àwọn oníjìbìtì tó ń fi iṣẹ́ èké gba owó lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ ti pọ̀ débi pé ẹni tó lóye á máa fura sí gbogbo ìwé iṣẹ́ tó bá dé lójijì. Sọ ohun kan tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan mọ̀, má sì béèrè ìwé tàbí nọ́ńbà ìdánimọ̀ kankan nínú ìwé yìí.

Ìtọrọ àforíjì náà kò ju gbólóhùn kan lọ, ohun kan pàtó ló sì tọrọ rẹ̀ fún. Má bẹ̀ ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀bẹ̀ gígùn náà ń fúngun mọ́ni, torí á di pé òun ló gbọ́dọ̀ máa tù ọ́ nínú.

Nọ́ńbà mẹ́ta yẹn ni ọkàn ìwé náà. Ẹnì kan á rẹ́rìn-ín pé ó dà bí ìgbà tí báńkì ń sọ fún wa pé ká tẹ ení ká tẹ èjì. Ó dà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ mo ti dán an wò pẹ̀lú "ẹ jẹ́ kí n mọ bí ẹ ṣe rò ó sí," èsì tí mo rí kò sì tó ìdajì èyí tí nọ́ńbà mú wá. Èèyàn lè fi àtàǹpàkò kan tẹ 3 nínú míkírà láì ronú ọ̀rọ̀ tó máa fi bo "rárá" lára. Kíyè sí i pé mo kọ "ọ̀rọ̀ ti yí padà," mi ò kọ "ẹ ti kọ̀." Ọ̀rọ̀ ló yí, kì í ṣe òun. Kíyè sí 2 pẹ̀lú. Bó o bá fi 1 àti 3 nìkan síbẹ̀, ẹni tó ń dúró de ìwé ìgbàsíṣẹ́ láti ibòmíì, tàbí tí kò tíì bá ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́, kò ní rí ibi tó máa mú, á sì tún dákẹ́.

Mo pè é ní "ẹ" láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. O sọ fún mi pé o fi bí ọdún mẹ́fà jù ú lọ, àti pé "o" lò ń pè é nínú ọ̀rọ̀ yín kan. Padà sí "ẹ." Bí ẹni tó ju èèyàn lọ bá ń pè é ní "o," tó sì ń béèrè bóyá ó ṣì fẹ́ iṣẹ́, gbogbo "kò burú" tó o bá kọ síbẹ̀ kò ní dún bí òótọ́.

Ó wá ku ọjọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àìfúngun mọ́ni túmọ̀ sí pé kéèyàn má dá ọjọ́ kankan. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọn ò bá sọ ọjọ́ fún kò ní mọ ìgbà tí ilẹ̀kùn máa tì, ó sì lè padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kó bá ẹlòmíì lórí àga. Ohun tó mú kí ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ dá burú ni pé "lónìí" kò ní ìdí kankan àyàfi ìbínú. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ní ìdí: ọjọ́ yẹn lẹ máa parí ìpàdé. Sọ ọ́ bí ẹni ń ka kàlẹ́ńdà, má fi "ẹ yára" tàbí "kí àǹfààní yìí má bọ́" kún un. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Bí kò bá sí ẹlòmíì tẹ́ ẹ ń bá sọ̀rọ̀, yọ gbólóhùn yẹn kúrò pátápátá.

Ibí yìí ni mo ní ọ̀rọ̀ fún ọ̀gá rẹ, bó o bá lè rí ọgbọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ohun tó ń ká a lára kì í ṣe ọkùnrin yìí, ìparí oṣù ló ń bà á lẹ́rù, tí ìwé ìṣirò máa wà nílẹ̀ láìsí ẹni tó máa pa á dé. Kó pe ẹni tó ṣe ipò kejì wá fún ìpàdé lọ́sẹ̀ yìí, láìdúró de ẹnikẹ́ni. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá wà lọ́wọ́ yín, kò sí bó o ṣe lè kọ ìwé tí kò ní fúngun, torí inú fu yóò hàn nínú gbólóhùn kejì. Ìgbà tí ẹni kejì bá ti jókòó sí yàrá ìpàdé ni ọwọ́ rẹ á tó balẹ̀ kọ "èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, kò burú."

Nípa àkókò, fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ. Ọkùnrin náà ní ibi iṣẹ́ tó wà báyìí, ọ̀sán kì í ṣe tirẹ̀. WhatsApp lẹ ti ń bá ara yín sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni kó o dúró sí. Má sáré lọ sí ímeèlì ibi iṣẹ́ rẹ̀, má pè é, má sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ jọ mọ̀ tàbí lọ́wọ́ ẹni tí ọkùnrin náà kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé pé ó lè jẹ́rìí òun.

Èmi ló ṣẹlẹ̀ sí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo pe ọkùnrin kan tó dákẹ́ sí mi, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Iná ti lọ ní ọ́fíìsì wọn, inú yàrá ọ̀gá wọn nìkan ni jẹnẹrétọ̀ ń gbé iná dé, ibẹ̀ sì ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń kó fóònù wọn sí láti gba iná. Ọ̀gá gbé fóònù náà. Èmi aláìmòye, mo sọ orúkọ ilé iṣẹ́ wa àti ipò tá à ń wá kí n tó béèrè ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà kò padà dá mi lóhùn mọ́ láéláé, mi ò sì lè bá a jà. Ṣé ìṣẹ́jú kan péré ni, àmọ́ mi ò mọ ohun tó fi san án níbi iṣẹ́ rẹ̀.

Tí èsì bá dé, bó o ṣe gbà á ló máa fi hàn bóyá òótọ́ lo kọ. Bó bá jẹ́ 1, fún un ní àkókò méjì tó lè mú nínú rẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Má jẹ́ kó tún di "láìpẹ́." Bó bá jẹ́ 2, béèrè ọjọ́ wo ló máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn kó o padà kọ̀wé, kó jẹ́ òun ló dá a, kó o sì rán an létí Ọjọ́bọ̀ tẹ́ ẹ ti sọ. Bó bá jẹ́ 3, kọ "ẹ ṣeun tẹ́ ẹ jẹ́ kí n mọ̀, Ọlọ́run á jẹ́ kí ibẹ̀ dára fún yín," kó o sì dákẹ́. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti máa ń bà á jẹ́. A ti kọ ọ́ pé kò nílò àlàyé, à ó wá béèrè pé "ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé?" tàbí kí ọ̀gá ní ká fi owó díẹ̀ kún un. Bí owó bá wà tẹ́lẹ̀ tó lè kún, inú ìwé àkọ́kọ́ ló yẹ kó wà.

Bó bá tún dákẹ́, dúró títí di Ọjọ́bọ̀ yẹn. Láàárín méjì, má fi àwòrán kankan ránṣẹ́, má kí i kú òwúrọ̀, má sì fi "ẹ jọ̀ọ́" ẹyọ kan ti ìwé àkọ́kọ́ lẹ́yìn. Bí ọjọ́ bá pé, kọ ìwé kejì, kó kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ọ̀gbẹ́ni Lágbájá. A ti parí ìpàdé lórí iṣẹ́ akáǹtáǹtì náà, torí náà mi ò ní kọ̀wé sí yín lórí rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ká pa ìwé yín mọ́ fún ọjọ́ iwájú, ẹ sọ fún mi. Bí ẹ bá sì fẹ́ ká pa á rẹ́, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ ṣeun fún àsìkò yín." Ó máa yà ọ́ lẹ́nu bí iye àwọn tó ń dáhùn ìwé kejì yìí ṣe pọ̀ tó, torí pé kò sí ohun tí wọ́n máa pàdánù mọ́. Apá tó sọ nípa ìwé rẹ̀ kì í ṣe àsọdùn. Òfin Nàìjíríà lórí ààbò àkọsílẹ̀ ara ẹni, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2023, fún ẹni tó fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà. Iṣẹ́ akáǹtáǹtì ló torí rẹ̀ fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀ fún yín, kì í ṣe kẹ́ ẹ máa fi polówó oúnjẹ inú ọ̀rá fún un.

Ìwé kẹta kò sí. Bó bá padà wá lẹ́yìn tí àga ti kún, sọ fún un pé ó ti kún, má ṣe fi ohùn tó ń sọ pé "a ti wí fún yín" sọ ọ́.

Ohun kan tó kù ni ibi tó o máa ń kọ orúkọ wọn sí. O fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo sì rí i pé o ti kọ "kò ṣeé gbára lé" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọkùnrin yìí. Pa á rẹ́ lónìí. Kọ "ó béèrè owó oṣù, a ò dá a lóhùn, ó dákẹ́," kó o sì kọ ọjọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ lọ́dún mẹ́ta òní, tó tún ń wá akáǹtáǹtì, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò.